Gíráàmù Lórí Òṣùwọ̀n: Bí Ìwọ̀n Oògùn Olóró Ṣe Ń Pinnu Ẹ̀sùn àti Ẹ̀wọ̀n ní Amẹ́ríkà

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1967, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbógun ti oògùn olóró dá ọkọ̀ kan dúró ní Weehawken, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Niú Jẹ́sì tó wà ní òdìkejì odò sí Niú Yọ́ọ̀kì. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Turner wà nínú ọkọ̀ náà. Wọ́n rí i tó ju ìdì kékeré kan sórí ògiri. Nígbà tí wọ́n tú ìdì náà, kokéènì tí wọ́n ti pò mọ́ ṣúgà ló wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 14.68. Wọ́n yẹ abẹ́ ìjókòó iwájú ọkọ̀ wò, wọ́n sì tún bá heróìnì níbẹ̀. Heróìnì yìí kò sí lójú kan o. Wọ́n ti pín in sínú ọ̀rá pélébé-pélébé 275.

Ẹjọ́ náà rìn títí ó fi dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1970, àwọn adájọ́ ibẹ̀ ní ẹ̀bi òwò heróìnì dúró lórí Turner, nítorí pé ẹni tó ní ọ̀rá 275 tí wọ́n ti pín sílẹ̀ báyìí, títà ló fẹ́ tà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé orí kokéènì, ohùn wọn yí padà. Wọ́n ní ìwọ̀n tó kéré tó bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ èyí tí ọkùnrin náà fẹ́ fi sí imú ara rẹ̀, nítorí náà wọn kò lè fi òun nìkan pè é ní oníṣòwò kokéènì. Wọ́n yí ìdájọ́ ti kokéènì dànù.

Ọkùnrin kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni wọ́n sì mú un. Ìwọ̀n ẹrù àti bí wọ́n ṣe dì í ló jẹ́ kí òfin fi ojú méjì wò ó.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ọ̀rọ̀ yìí kò le: tó bá kéré, ti ẹni tó ń mu ún ni, tó bá pọ̀, ti ẹni tó ń tà á ni. Ó rí bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìwọ̀n ń ṣe. Èkínní, ó ń jẹ́rìí sí ohun tó wà lọ́kàn ẹni tí wọ́n mú. Èkejì, ó ń sọ iye ọdún tí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ kò ní lóye ìdí tí wọ́n fi rán ẹnì kan lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù díẹ̀, tí ẹlòmíràn sì ń ka ọdún mẹ́wàá.

Ẹ̀sùn méjì tó jọra

Òfin ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso oògùn olóró ní Amẹ́ríkà ti wà láti ọdún 1970. Abala 844 nínú rẹ̀ sọ nípa ẹni tó kàn mú oògùn olóró dání. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò lè ju ọdún kan lọ, owó ìtanràn rẹ̀ kò sì ní dín ní dọ́là 1,000.

Abala 841 ni ti òwò. Kò dúró dìgbà tí wọ́n bá rí owó tó ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Ẹni tó mú oògùn olóró dání pẹ̀lú èrò láti pín in fún ẹlòmíràn ti wọ inú abala yìí. Bí oògùn náà bá jẹ́ heróìnì tàbí kokéènì, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ogún ọdún, kódà bí ìwọ̀n rẹ̀ bá kéré. Ẹ wo bí àlàfo náà ti fẹ̀ tó: ọdún kan ní apá kan, ogún ọdún ní apá kejì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì wà láàárín wọn, ìyẹn ni èrò.

Ẹ kíyè sí i pé «pín» ni òfin sọ, kì í ṣe «tà». Ẹni tó ra kokéènì tó sì bù fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ níbi àríyá ti pín in. Ọ̀pọ̀ ẹni tó rò pé òun kò lè jẹ́ oníṣòwò nítorí pé òun kò gba kọ́bọ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bá lójijì.

Ìwọ̀n gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí

Báwo ni ilé-ẹjọ́ ṣe ń mọ èrò ọkàn? Kò sí ẹni tó lè ṣí orí ènìyàn wò, nítorí náà ohun tí ojú rí ni wọ́n fi ń mọ ohun tí ojú kò rí. Bí obìnrin kan bá gbé búrẹ́dì kan kọjá lójú pópó, ilé ló ń gbé e lọ. Bí ó bá gbé ogójì búrẹ́dì, tí ọ̀rá títà wà lórí igbá, tí owó ṣẹ́ńjì sì wà lápò, kò sí ẹni tí yóò bi í bóyá ebi ló ń pa á. Báyìí náà ni ilé-ẹjọ́ ṣe ń wo ọ̀rọ̀ yìí.

Èyí ni àṣìgbọ́ àkọ́kọ́ tó yẹ kí a tún ṣe. Kò sí iye gíráàmù kankan nínú òfin ìjọba àpapọ̀ tó ní: «láti ibí lọ sókè, oníṣòwò ni.» Ìwọ̀n wulẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí kan láàárín àwọn ẹlẹ́rìí ni. Àwọn yòókù ni òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n bá nínú yàrá, ọ̀rá pélébé tí wọ́n ti kó jọ, owó tí wọ́n ká ní ìdì-ìdì, ìwé tí a kọ orúkọ àti gbèsè sí, ìbọn, fóònù méjì tàbí mẹ́ta, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ ránṣẹ́ lórí fóònù náà. Ohun tí wọn kò rí náà máa ń sọ̀rọ̀. Bí wọn kò bá bá ohun èlò tí wọ́n fi ń fa oògùn náà lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n mú, agbẹjọ́rò ìjọba yóò béèrè pé kí ló fẹ́ fi mu ún.

Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní gíráàmù mẹ́ta fi lè jẹ́jọ́ òwò, bí wọ́n bá ti pín in sí ọ̀rá mẹ́wàá tí òṣùwọ̀n sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìdí kan náà ni ẹni tó ní gíráàmù 14 lójú kan ṣoṣo, bíi Turner, fi lè bọ́ nínú ẹ̀sùn òwò. Àmọ́ bí ìwọ̀n bá ti pọ̀ débi pé ènìyàn kan kò lè mu ún tán, òun nìkan lè tó láti fi ẹ̀bi kan ẹni náà. Kò sí ẹni tí yóò gbà pé kílò méjì heróìnì jẹ́ ti ẹnu ẹnì kan.

Ibi tí òṣùwọ̀n nìkan ti ń dá ẹjọ́

Kì í ṣe gbogbo òfin Amẹ́ríkà ló rí báyìí, nítorí pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Fúlọ́rídà ni àpẹẹrẹ tó hàn jù. Níbẹ̀, ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ní kokéènì tó tó gíráàmù 28 lọ́wọ́ ti di ẹni tó ń ṣòwò kokéènì. Òfin kò béèrè bóyá ó fẹ́ tà á tàbí bóyá ó fẹ́ mu ún. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún mẹ́ta, ìtanràn rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 50,000. Bí ó bá tó gíráàmù 200, ó di ọdún méje. Bí ó bá tó 400, ó di ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Gíráàmù 28 yìí kò jìnnà sí áùnsì kan, ìwọ̀n tí àwọn oníṣòwò fi ń rà. Ẹni tí oògùn ti wọ̀ lára, tó ra ti oṣù kan lẹ́ẹ̀kan náà nítorí pé ó rọjú, lè bá ara rẹ̀ nínú àwùjọ àwọn oníṣòwò láì tíì ta ẹyọ kan rí. Bí ó bá sọ fún adájọ́ pé òun nìkan ni òun fẹ́ mu ún, òótọ́ lè ni, ṣùgbọ́n kò yí ẹ̀sùn náà padà.

Ọ̀nà méjì ló wà, nígbà náà. Ìjọba àpapọ̀ ń béèrè ohun tó wà lọ́kàn, ó sì ń fi ìwọ̀n mọ̀ ọ́n. Fúlọ́rídà ń wọn ẹrù náà, ó sì parí.

Àtẹ̀gùn ẹ̀wọ̀n àti ìgbà tí wọ́n kàn án

Iṣẹ́ kejì tí ìwọ̀n ń ṣe bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ̀sùn òwò bá ti fìdí múlẹ̀. Níbí, òfin ìjọba àpapọ̀ dárúkọ gíráàmù kedere, ó sì so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ iye ọdún tí adájọ́ kò gbọdọ̀ dín. Fún heróìnì, gíráàmù 100 ni ọdún márùn-ún, kílò kan sì ni ọdún mẹ́wàá. Fún kokéènì lẹ́búlẹ́bú, gíráàmù 500 ni ọdún márùn-ún, kílò márùn-ún ni ọdún mẹ́wàá. Igbó fúyẹ́ lójú òfin yìí ju àwọn yòókù lọ: ó di kílò 100 kí ọdún márùn-ún tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tí ẹ̀wọ̀n kò gbọdọ̀ dín sí nìwọ̀nyí o. Ó lè ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, ti ọdún mẹ́wàá sì lè dé ẹ̀wọ̀n gbére.

Ọdún 1986 ni wọ́n kan àtẹ̀gùn yìí. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, Len Bias, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ bọ́ọ̀lù aláfọwọ́jù-sápẹ̀rẹ̀ gbá gidigidi, kú lẹ́yìn tó lo kokéènì, ọjọ́ méjì péré lẹ́yìn tí ẹgbẹ́ Boston Celtics yàn án. Gbogbo ilẹ̀ Amẹ́ríkà mì. Àwọn aṣòfin sáré ṣe òfin kí ọdún tó parí, wọ́n sì fi sínú rẹ̀ ohun kan tó di ọ̀rọ̀ àríyànjiyàn fún ọdún mẹ́rìnlélógún: kíráàkì, ìyẹn kokéènì tí wọ́n sè pẹ̀lú omi àti sódà títí ó fi le bí òkúta, ni wọ́n ka gíráàmù kan rẹ̀ sí gíráàmù 100 ti kokéènì lẹ́búlẹ́bú. Gíráàmù márùn-ún kíráàkì, tí kò wúwo ju ṣíbí ṣúgà kan lọ, jẹ́ ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Kí ẹni tó ń ta ti lẹ́búlẹ́bú tó rí irú ẹ̀wọ̀n yẹn, ó gbọ́dọ̀ ní ìdajì kílò.

Wọ́n tún ṣe òmíràn ní ọdún 1988. Wọ́n ní ẹni tó bá kàn mú kíráàkì tó ju gíráàmù márùn-ún dání, bí kò tilẹ̀ ní èrò àtipín in, yóò lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún, ó kéré tán. Ìyẹn ni pé fún oògùn kan yìí, ìjọba àpapọ̀ wó ògiri tó wà láàárín ẹni tó ń mu àti ẹni tó ń tà. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí òfin kíráàkì kó dé ẹ̀wọ̀n jẹ́ aláwọ̀ dúdú.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2010, Ààrẹ Obama fọwọ́ sí òfin tó yí èyí padà. Ọdún márùn-ún ti kíráàkì di ti gíráàmù 28, ti ọdún mẹ́wàá di gíráàmù 280, wọ́n sì fa ẹ̀wọ̀n dandan ti ẹni tó kàn mú un dání ya. Ìyàtọ̀ tó jẹ́ ọgọ́rùn-ún sí ẹyọ kan wá di méjìdínlógún sí ẹyọ kan. Àwọn tó ti wà lẹ́wọ̀n ṣáájú kò jàǹfààní rẹ̀ títí di ọdún 2018, nígbà tí òfin mìíràn gbà kí ilé-ẹjọ́ padà wo ẹjọ́ wọn.

Kí gan-an ni wọ́n ń gbé sórí òṣùwọ̀n?

Àṣìgbọ́ kejì ni pé oògùn gan-an, ojúlówó rẹ̀, ni wọ́n ń wọ̀n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ní kí wọ́n wọn «àdàpọ̀» tó ní oògùn náà nínú. Bí gíráàmù mẹ́wàá heróìnì bá wà nínú gíráàmù 90 ṣúgà, gíráàmù 100 ni òfin rí, ọdún márùn-ún sì ni. Oníṣòwò tó pò ṣúgà mọ́ oògùn rẹ̀ kí èrè rẹ̀ lè pọ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fi kún ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, olórí oníṣòwò tó ní gíráàmù 95 tí kò lábùlà, tí wọ́n lè fi ṣúgà sọ di ìlọ́po mẹ́wàá, kò tíì dé orí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́. Mẹtafẹ́tamáìnì, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní «mkpuru mmiri», ni òfin dìídì yọ sọ́tọ̀ nínú èyí: gíráàmù márùn-ún tó mọ́ gaara jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú gíráàmù 50 tí wọ́n ti dà pọ̀.

Ẹjọ́ tó fi ọ̀rọ̀ àdàpọ̀ yìí hàn jù ni ti Chapman, tí Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá ní ọdún 1991. LSD ni wọ́n tà níbẹ̀, oògùn kan tí ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan rẹ̀ kéré débi pé ojú kò lè rí i, tí wọ́n fi ń kán an sórí bébà kí ẹni tó rà á lè ya bébà náà jẹ. Oògùn tó wà lórí bébà ẹgbẹ̀rún kan tí wọ́n tà kò ju miligíráàmù 50 lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wọn òun àti bébà pọ̀, ó di gíráàmù 5.7. Gíráàmù kan ni ọdún márùn-ún ti LSD ti ń bẹ̀rẹ̀. Oògùn nìkan kò lè dé ibẹ̀. Bébà ló gbé e débẹ̀. Àwọn adájọ́ tó pọ̀ jù ní bébà náà wà nínú àdàpọ̀, nítorí pé òun ni wọ́n fi ń jẹ oògùn náà.

Àmọ́ ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ yọ kúrò kó tó lè lo oògùn náà kì í sí nínú ìwọ̀n. Bí wọ́n bá pò kokéènì mọ́ ara àpótí ìrìnàjò tàbí mọ́ ère tí wọ́n fi ìda oyin ṣe, wọn kì í ka àpótí tàbí ìda mọ́ ọn. Ọ̀rá àti rọ́bà tí wọ́n fi di heróìnì náà kì í sí nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìwọ̀n tí ìjọba sọ lọ́jọ́ tí wọ́n mú ènìyàn fi lè ju èyí tí oníṣẹ́ kẹ́míkà mú wá sí ilé-ẹjọ́ lọ. Ti kẹ́míkà ni ẹjọ́ ń tẹ̀lé, agbẹjọ́rò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ sì máa ń béèrè fún ìwé náà kó tó jẹ́ kí oníbàárà rẹ̀ gbà pé òun jẹ̀bi.

Ìdì 90 àti ìdì 110

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tí a ro lórí, ká sì ṣe ìṣirò rẹ̀. Àwọn arìnrìn-àjò méjì bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Kennedy ní Niú Yọ́ọ̀kì, heróìnì sì wà nínú ikùn àwọn méjèèjì. Ẹni àkọ́kọ́ gbé ìdì 90 mì, ẹni kejì gbé 110, ìdì kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ gíráàmù mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n yọ rọ́bà rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ti jẹ̀bi ọ̀ràn kékeré kan rí ní Amẹ́ríkà.

Ẹ̀sùn kíkó oògùn wọ ìlú ni ti ẹni tó gbé e gba ẹnu ibodè kọjá. Ìjọba kò ní láti fi hàn pé ó fẹ́ pín in. Pé ó mọ̀ọ́mọ̀ kó oògùn tí òfin kà léèwọ̀ wọlé ti tó. Kò sì ní gbà á pé ó ní òun kò mọ iye gíráàmù tó wà níkùn òun. Àtẹ̀gùn gíráàmù tó wà fún òwò ni wọ́n ń lò fún èyí náà.

Ẹni àkọ́kọ́ ní gíráàmù 900. Ó ti kọjá 100, kò tíì dé kílò kan, nítorí náà ọdún márùn-ún ni ẹ̀wọ̀n tí kò gbọdọ̀ dín. Adájọ́ yóò tún ṣí ìwé ìlànà ìdájọ́, níbi tí wọ́n ti fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ní ipele. Gíráàmù 900 heróìnì wà ní ipele 28. Bí ó bá tètè gbà pé òun jẹ̀bi, wọ́n lè yọ ipele mẹ́ta, ó sì di 25, tí í ṣe oṣù 57 sí 71. Ọdún márùn-ún jẹ́ oṣù 60, kò sì ṣe é sọ̀ kalẹ̀ kọjá, nítorí náà ẹ̀wọ̀n rẹ̀ á bọ́ sáàárín oṣù 60 sí 71.

Ẹni kejì ní gíráàmù 1,100. Ipele 30 ló wà; bí wọ́n bá yọ mẹ́ta, ó di 27, tí í ṣe oṣù 70 sí 87. Ṣùgbọ́n ó ti kọjá kílò kan. Ọdún mẹ́wàá, ìyẹn oṣù 120, ni òfin sọ, ohun tí ìwé ìlànà sọ kò sì lè gba ọwọ́ rẹ̀. Ìdì ogún péré ló fi ju ẹnì kejì rẹ̀ lọ, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà tí òfin ṣí láti ọdún 1994. Ẹni tí kò ní ìtàn ìwà ọ̀daràn tó pọ̀, tí kò lo ìbọn tàbí ipá, tí ẹnikẹ́ni kò kú tàbí fara pa nínú ọ̀ràn rẹ̀, tí kì í ṣe ọ̀gá, tó sì sọ gbogbo òótọ́ tó mọ̀ fún ìjọba, lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n dandan. Ìwé ìlànà sì tún ń yọ ipele méjì fún un. Bí àwọn méjèèjì bá gba ọ̀nà yìí, ẹni àkọ́kọ́ á bọ́ sí oṣù 46 sí 57, ẹni kejì á bọ́ sí 57 sí 71. Oṣù 120 ti kúrò níbẹ̀. Ẹni tó bá pa ẹnu mọ́ tàbí tó parọ́ nítorí ẹ̀rù àwọn tó rán an níṣẹ́ kò ní rí ọ̀nà yìí gbà.

Ẹrù ẹlòmíràn lọ́rùn ẹni

Àṣìgbọ́ kẹta ni pé ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ ẹnì kan nìkan ni wọ́n lè kà sí i lọ́rùn. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní ẹ̀sùn kan fún àwọn tó pa ìmọ̀ pọ̀ láti ṣòwò oògùn, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì bá ti òwò gan-an dọ́gba. Bí ènìyàn mẹ́ta bá jọ ń ṣe é, tí ọ̀kan ń gba ẹrù, tí èkejì ń fi í pamọ́ sílé rẹ̀, tí ẹ̀kẹta ń wa ọkọ̀, a lè ka kílò tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbé láàárín oṣù mẹ́fà sí awakọ̀ lọ́rùn, bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ tó fọwọ́ sí, tó sì yẹ kó mọ̀ pé ó ń lọ. Wọn kò ní láti bá gíráàmù kan nínú ọkọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n mú un. Ọ̀rọ̀ fóònù àti ẹ̀rí ẹnu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lè di òṣùwọ̀n.

Nítorí agbára tí ìwọ̀n ní yìí, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi ààbò kan sí i. Láti ìdájọ́ ọdún 2000 àti ti 2013, ìwọ̀n tó lè gbé ẹ̀wọ̀n sókè tàbí tó lè bí ẹ̀wọ̀n dandan kò sí lọ́wọ́ adájọ́ nìkan mọ́. Àwọn júrì, ìyẹn àwọn ará ìlú méjìlá tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́, ni yóò sọ pé ó dá wọn lójú láìsí iyèméjì pé ẹrù náà tó iye yẹn, àyàfi bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn bá fi ẹnu ara rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n fún ipele inú ìwé ìlànà, adájọ́ ṣì lè ṣírò ìwọ̀n náà fúnra rẹ̀.

Kí ará Nàìjíríà má ṣe fi ti Amẹ́ríkà wọn ti ilé

Ẹni tó ka gbogbo èyí lè rò pé bákan náà ni ní Nàìjíríà, pé bí ẹrù bá kéré, ẹ̀sùn á kéré. Òfin tó dá àjọ NDLEA sílẹ̀ ní ọdún 1989 kò kan irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀. Ohun tí ènìyàn ṣe ló ń wò. Ẹni tó kó heróìnì tàbí kokéènì wọlé, tó gbé e jáde, tó tà á tàbí tó rà á, ẹ̀wọ̀n gbére ni òfin kọ sílẹ̀ fún un. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ní in lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ wà láàárín ọdún 15 sí 25. Ẹ tún èyí kà: ríra wà ní abala kan náà pẹ̀lú títà, àti pé ìwọ̀n ọdún tó kéré jù fún ẹni tó kàn ní in lọ́wọ́ ní Nàìjíríà ju èyí tí Amẹ́ríkà kọ fún kílò kan heróìnì lọ.

Ìwọ̀n ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ibòmíràn ló gbà wọlé. Ó lè mú kí agbẹjọ́rò ìjọba yan ẹ̀sùn kan fi òmíràn sílẹ̀, ó sì lè mú kí ojú àánú adájọ́ là tàbí kó dí. Kò sí iye gíráàmù kankan nínú àwọn abala náà tí ẹnikẹ́ni lè gbẹ́kẹ̀ lé pé bí òun kò bá ti kọjá rẹ̀, òun ti bọ́.